Ìyá Àgbà Dé Hull: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò

Ọjọ́rú

Físà Ìyá Àgbà pẹ́ kó tó jáde. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ará Ìbàdàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ sí Hull ló ń lọ bá tọ́jú ìkókó, èmi ni mo sì ń mú un lọ. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, láàárín àwọn dókítà àti àwọn àgbàlagbà wa tí wọn ò gbọ́ra wọn yé. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Ìyá Àgbà dá ṣáká, òun ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ ìrìn yìí sílẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò ní tètè wọ̀.

Láti King's Cross la ti wọ rélùwéè. Ọkọ̀ náà kì í pé wákàtí mẹ́ta kó tó dé Hull, kò sì sí pé à ń sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn lọ́nà. A ò tíì rìn jìnnà tí Ìyá Àgbà fi bi bàbá òyìnbó tó kọjú sí wa pé níbo ni òun ń lọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Úlù."

Ìyá Àgbà yíjú sí mi. "Ṣé mi ò mọ̀ pé ìlú ni gbogbo wa ń lọ ni? Ìlú wo ni mo bi í."

Ó tún un béèrè. Bàbá náà tún pariwo sí i: "Úlù!" Ìyá Àgbà ní ó dáa, ìlú náà ni.

Ará Hull ni bàbá yẹn, àwọn ará Hull kì í sì í pe "h" tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú wọn. Fáwẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e, tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń pè bíi "a" tàbí "ọ" tiwa, "u" ni wọ́n ń pè é ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "Bọ́ọ̀sì" di "búùsì" lẹ́nu wọn. Ohun tó wá kù létí ọmọ Yorùbá kò yàtọ̀ sí "ìlú" rárá, kò sì sí bí bàbá yẹn ṣe lè pariwo tó tí "h" máa fi padà wá.

Nígbà tí a dé, onítakisí gbé báàgì wa sí búùtù, ó wo ojú Ìyá Àgbà, ó ní, "Ọ̀ráì, lúfù?"

Ìyá Àgbà dúró sójú kan. Ó dá a lóhùn pé kò burú, àmọ́ orúnkún òun ọ̀tún ti wú láti inú bàálù, òun ò rí oorun sùn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun sì wà nínú báàgì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí búùtù yẹn. Onítakisí dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó tún ṣí búùtù. Mo yìn ín fún ìyẹn, nítorí ìkíni lásán ni "ọ̀ráì" tó sọ. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju "ọ̀ráì" mìíràn lọ. Nínú ọkọ̀ ni Ìyá Àgbà ti wá fi Yorùbá bi mí pé, "Olùfẹ́ ta ni ó ń pè mí? Opó ni mí o. Ọmọ ni mo wá tọ́, mi ò wá ọkọ wá."

Mo ṣàlàyé pé gbogbo ènìyàn ni olùfẹ́ níbẹ̀: lẹ́nu ẹni tó ń ta búrẹ́dì, lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu ọmọdé tó ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù. Bí àwọn ará Dùgbẹ̀ ṣe ń pe ẹni tí wọn ò rí rí ní "ìyá mi" ló rí. Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ kí wọ́n máa pe òun ní ìyá wọn.

Lálẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ àgbà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, sáré wá bá a nínú yàrá. "Gírámà, fẹ́ẹ̀n yín ń dún!"

"Fáànù kẹ? Nínú òtútù yìí, ta ló tan fáànù?"

Fóònù ni ọmọ ń wí. Nílùú yìí, ohùn "o" gígùn ti di "ẹ": fóònù ń jẹ́ fẹ́ẹ̀n, róòdù ń jẹ́ rẹ́ẹ̀d, tí nǹkan bá sì já bọ́, "ẹ́ẹ̀ nẹ́ẹ̀!" ni ọmọdé máa ń ké. Àwọn ará àdúgbò yòókù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá máa ń fi ohùn yìí mọ ará Hull. Ohun tó tún múnú mi dùn ni pé fóònù ìlú yìí yàtọ̀ sí ti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìlú náà ti dá iléeṣẹ́ fóònù tirẹ̀ sílẹ̀, àpótí fóònù etí títì wọn kì í sì í ṣe pupa. Àwọ̀ mílíìkì ni wọ́n kùn ún.

Ọjọ́bọ̀

Lẹ́yìn àwọn ilé tó wà níbí, ọ̀nà tóóró kan máa ń gba àárín kọjá, tí wọ́n ń kó pàǹtírí gbà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni fífẹ̀ rẹ̀, "tẹ́nfùtù" náà ni wọ́n sì ń pè é. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà àti ọmọ ọmọ rẹ̀ wà láàárọ̀ nígbà tí bàbá arúgbó kan tó mú ajá dání yọ sí wọn. Bàbá náà tẹjú mọ́ ọmọ, ó ní: "Náà dẹ̀n!"

Mo rí Ìyá Àgbà láti ojú fèrèsé. Ó fa ọmọ náà sẹ́yìn ìró rẹ̀. "Kí wọ́n nà án? Kí ló ṣe tí ẹ fi ní kí wọ́n nà án?"

Ọmọ náà yọjú láti ẹ̀yìn ìyá ìyá rẹ̀, ó gbójú sókè, ó dá bàbá lóhùn: "Náà dẹ̀n!" Bàbá gbé fìlà, ajá ju ìrù, wọ́n kọjá lọ. Ìkíni wọn ni. "Nísinsìnyí, nígbà náà" ni ó túmọ̀ sí bí a bá tú u ní ẹyọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni láti tú u bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sí ọ, sọ ọ́ padà. Ìyá Àgbà bi mí bóyá ọmọdé lè kí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ láìkúnlẹ̀. Mo ní wọ́n ń kí ara wọn bẹ́ẹ̀ ni, àgbà ìbáà ṣe ọmọdé. Kò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi pa mọ́.

Ní ọ̀sán, ìyá òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, opó bíi tirẹ̀, yọ sí i lórí fẹ́ǹsì. Ó fọwọ́ gbá apá ara rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Áìmù nídàdì."

"Mo nílò..." ni Ìyá Àgbà gbọ́. Ó dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá náà kò parí nǹkan kan, ó kàn ń wò ó. Ìyá Àgbà wá bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí ni ẹ nílò, mà? Ṣé ṣúgà ni?

Òtútù ń mú un ni. "Nídàdì" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún òtútù tó wọ egungun. Lẹ́yìn tí mo là á yé wọn, Ìyá Àgbà gbìyànjú láti tù ú nínú, ó ní èyí kì í ṣe òtútù tó burú, oòrùn ṣì wà níta. Ojú ìyá òyìnbó náà rọ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe, ó fẹ́ wọlé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ kékeré ti ń dàrú fún àwọn ènìyàn wa nìyí, àwọn tó ti pẹ́ níbí pàápàá. A máa ń rò pé àwọn òyìnbó ń sọ nípa ojú ọjọ́ nítorí wọn ò ní ohun mìíràn sọ. Ìkíni ni, Yorùbá sì ní in lọ́pọ̀ yanturu: ẹ kú òtútù, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ẹnìkan bá kí ọ pé ẹ kú ọyẹ́, o ò ní sọ fún un pé ọyẹ́ tọdún yìí ò tó nǹkan. Mo ní kí Ìyá Àgbà máa gba ohunkóhun tí ìyá náà bá sọ nípa òtútù, kó fi kún un. Ó rọrùn fún un lójú ẹsẹ̀. Ó pe ìyá náà padà, ó ní òtútù náà ti wọ orúnkún òun, ó sì dájú pé òjò ń bọ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí.

Mo gbọ́ tí ìyá náà ń béèrè ọkọ àbúrò mi, pé òun ń rí mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé ní gbogbo ọ̀sán, ṣé kò sí nǹkan? Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ní ó ń sùn, òru ni ó ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn. Mi ò dá sí i. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní àléébù kankan.

Ọjọ́ Ẹtì

Nọ́ọ̀sì tó máa ń bẹ àwọn abiyamọ wò nílé wá láàárọ̀. Ọmọ ìlú náà ni, ọlọ́yàyà ènìyàn. Kò tíì bọ́ kóòtù tí ó fi fi ọwọ́ fẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ó máfìtìn níbí o!"

"Ẹ má bínú," ni Ìyá Àgbà wí, "a ò ní máfíìnì nílé, àmọ́ ṣinṣín wà." Ó sì gbé e wá nínú àwo, ó bò ó dáadáa.

Nọ́ọ̀sì jẹ ṣinṣín, ó yìn ín, ó wá nawọ́ sí ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru lára ògiri. Márùndínlọ́gbọ̀n ni ó wà. Ooru mú ni ó ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí yàrá ìkókó wà láàárín 16 sí 20, kí wọ́n sì bọ́ fìlà lórí rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn nínú ilé, nítorí orí ni ìkókó fi máa ń tú ooru jáde. Ìyá Àgbà bọ́ fìlà náà, àmọ́ ó dì í mọ́wọ́.

Àbúrò mi wà lókè, ó ń sùn. Èmi wà ní kíṣíìnì, mò ń po tíì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì béèrè bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ọmọ. Ohùn Ìyá Àgbà dùn bíi ti ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó mọ̀ jù. Ó ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kàn-ìnkàn-ìn rírọ̀, lẹ́yìn náà òrí, kí a tẹ orí rẹ̀ kó rí róbótó, kí a na apá, kí a na ẹsẹ̀, kí a sì fì í sókè. Ọ̀rọ̀ tó lò fún fífì sókè ni "tíróò ọ́ọ̀pù".

Lẹ́nu òyìnbó, èébì ni "tíróò ọ́ọ̀pù".

Nọ́ọ̀sì dákẹ́ díẹ̀. Ó béèrè bóyá gbogbo ìgbà tó bá wẹ̀ ni.

"Gbogbo ìgbà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

"Ṣé ó máa ń jìnnà?"

"Kò jìnnà púpọ̀. Níwọ̀nba ibi orí mi."

"Ibi orí yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì máa ń hán an."

"Ẹ máa ń hán an?"

"Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń hán an. Kò já bọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún gbogbo ọmọ mi."

Mo gbé ife tíì kalẹ̀, mo sáré wọ pálọ̀. Nọ́ọ̀sì ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ ti wé, ó ń béèrè àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó pọ́n bí ìyeyè tàbí ó dà bí ewé. Ìbéèrè gidi nìyẹn, nítorí èébì aláwọ̀ ewé lára ìkókó kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré, ilé ìwòsàn ni wọ́n máa ń gbé e lọ kíákíá. Ìyá Àgbà sì ń dá a lóhùn pé àwọ̀ ọmọ náà jọ ti bàbá rẹ̀.

Mi ò túmọ̀ nǹkan kan. Mo ní kí Ìyá Àgbà fi ohun tó ń ṣe hàn wá, kó má fi ọmọ ṣe é. Ó mú béárì onírun tí ọmọ àgbà fi ń sùn, ó fi ìka gbé ọrùn rẹ̀, ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó sì jù ú sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gílóòbù, ó hán an. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó pa ohun tó ti kọ rẹ́, ó sì fara balẹ̀ sọ fún wa pé ọrùn ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì kò lè gbé orí rẹ̀, àti pé jíjù sókè àti mímì lè ṣe ọpọlọ ìkókó léṣe. Fífi òrí ra á àti nína apá jẹ́jẹ́ kò burú lójú rẹ̀. Èmi fara mọ́ ọn pátápátá, mo sì sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà ní Yorùbá láìbò ó. Ó ronú sí i. Ó ní ó dáa, òun á máa fi òrí ra á, ṣùgbọ́n fífì á di ìgbà tí ọrùn bá gbó.

Nínú iṣẹ́ mi, ẹni tó bá ní "mi ò gbọ́" kò bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni méjì tí wọ́n jọ gbà pé àwọn gbọ́ra, tí oníkálukú sì ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Etí nìkan kọ́ ni mo fi ń dá a mọ̀. Mo máa ń wo ojú. Nígbà tí Ìyá Àgbà ń rẹ́rìn-ín, tí iwájú orí nọ́ọ̀sì ń wé sí i, ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀.

Ilẹ̀ ṣú. Ọkọ àbúrò mi ń múra ibi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá aládùúgbò ló dúró síbẹ̀, ó wọ kóòtù, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú. Ó ní òun wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní òun ò lè dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kí bàbá ọlọ́mọ tuntun máa fi ẹsẹ̀ rìn lóru nínú òtútù yìí, alaalẹ́, àti pé bí mọ́tò rẹ̀ bá bàjẹ́, ó yẹ kó ti sọ.

Àna wa wo mọ́tò rẹ̀, ó wo ìyá náà, ó wo mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo tún ọ̀rọ̀ àná yẹn rò nígbà tí mo ń bọ̀ láti ọjà. Ohun tí Ìyá Àgbà sọ lọ́jọ́bọ̀ ni pé ó ń "wọ́ọ̀kì" lóru. Yorùbá ní fáwẹ́ẹ̀lì àìránmúpè méje, Gẹ̀ẹ́sì ní ju mẹ́wàá lọ, nítorí náà àwọn kan nínú tiwọn máa ń jọ gbé yàrá kan lẹ́nu wa. Iṣẹ́ ń jẹ́ wọ́ọ̀kì, ìrìn náà ń jẹ́ wọ́ọ̀kì. Láàárín ara wa kò ṣòro, ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ la fi ń mọ̀ ọ́n. Òyìnbó kò ní yàrá yẹn. Létí rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́, ìrìn sì ni. Ní Hull, ó tún le sí i, torí "wẹ́ẹ̀kì" ni wọ́n ń pe iṣẹ́, "nẹ́ẹ̀sì" ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì. Ohùn tiwọn ti sá lọ sí "ẹ", ti wa wà ní "ọ". Bí Ìyá Àgbà bá tún "wọ́ọ̀kì" sọ nígbà igba, tó fi ariwo kún un, ìrìn náà ni yóò máa pọ̀ sí i.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn àgbà wa ni pé bí ọ̀rọ̀ kan bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ mú òmíràn. "Jọ́ọ̀bù" kò ní ohun tó jọ ọ́, ará Hull gbọ́ ọ bí ará Ìbàdàn ṣe gbọ́ ọ. "Ṣíìfù àṣálẹ́" náà ń ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà dán an wò lórí fẹ́ǹsì lọ́sàn-án òní, ó sọ pé àna òun ní jọ́ọ̀bù alẹ́. Ìyá aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí ó fi di fẹ́ǹsì mú. Ó ní òun ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé bàtà rẹ̀ mọ́ ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Láti inú ẹ̀rín yẹn ló ti pe Ìyá Àgbà wá jẹun lọ́la.

Ọjọ́ Àìkú

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ wo ilé tí wọ́n bí William Wilberforce sí ní 1759, ní òpópónà àtijọ́ tó wà létí odò. Mùsíọ́mù ni báyìí. Òun ló léwájú ìjà tí wọ́n fi fòfin de òwò ẹrú ní Bìrìtéènì ní 1807, òfin yẹn ló sì mú kí ọkọ̀ ojú omi ìjọba wọn máa lé àwọn ọkọ̀ ẹrú kiri létíkun wa. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gba Àjàyí ọmọ Òṣogùn sílẹ̀ ní 1822, tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Mo rò ó níbẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n yọ nínú okùn yẹn ló jókòó nígbà tó dàgbà, tó ń wá lẹ́tà tí òyìnbó fi máa gbọ́ ohùn wa bó ṣe rí, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ sì jáde ní 1843. Iṣẹ́ etí ni. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Nígbà tí mo délé, ilé ń run ewé. Ìyá Àgbà ti rẹ ẹ̀wà lóru, ó ti bó èèpo rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́ ní bíléńdà, ó fi ewé tó gbé wá láti Ìbàdàn pọ́n mọ́ínmọ́ín, ó sì ti gbé odindi abọ́ kan lọ sílé ìyá aládùúgbò. Àwọn ọmọ wà nílé lọ́dọ̀ ìyá wọn.

Ohun tí ìyá náà sọ lánàá ni pé kí ó wá fún "tíì" ní aago márùn-ún, kó sì kó "bẹ́ẹ̀ns" dání. Ìyá Àgbà ṣe kàyéfì pé òyìnbó mọ adùn ẹ̀wà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, bíìnsì. Ó jẹ àmàlà kó tó lọ, nítorí tíì lásán kì í yó ni.

Tíì ní apá àríwá yìí, oúnjẹ alẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ns, àwọn ọmọdé ni. Ìyá náà ti tẹ́ tábìlì ènìyàn mẹ́ta, ó gbé ìrọ̀rí sórí àga kí ọmọ lè ga, ó ti ra pátì: ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ewé olóòórùn, tí wọ́n wá rì sínú ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n dín. Wọ́n sì bu èròjà pupa aláta díẹ̀ sórí ọ̀dùnkún díndín, èyí tí ará Hull kì í jẹun láìsí i. Nígbà tí mo wọlé, ìyá náà ti tú ewé mọ́ínmọ́ín kan, ó ń fi fọ́ọ̀kì bù ú, ó ń béèrè bóyá búrẹ́dì ni. Ìyá Àgbà, pẹ̀lú àmàlà nínú, ń bá pátì jà. Mo sáré lọ mú ọmọ wá. Ó gun orí ìrọ̀rí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì Hull tirẹ̀ ṣàlàyé mọ́ínmọ́ín fún un, ó sì yí padà fi Yorùbá tó mọ níwọ̀nba ṣàlàyé pátì fún Ìyá Àgbà. Ìyá náà jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, ó bu èròjà pupa yẹn lé e. Mo tọ́ ọ wò. Ó bá a mu.

Ọjọ́ Ajé

Èmi ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Ìyá Àgbà dúró tì wọ́n títí ọmọ yóò fi gbó. Bí mo ṣe ń gbé báàgì jáde, mo rí ọ̀rá kan tí wọ́n so mọ́ ìdí ilẹ̀kùn, kárọ́ọ̀tì kún inú rẹ̀, erùpẹ̀ ṣì wà lára wọn. Láti inú ọgbà ni wọ́n ti wú u.

Ìyá aládùúgbò yọjú. Ó ní Ìyá Àgbà ti ń béèrè fún un láàárọ̀ láàárọ̀ láti ọjọ́bọ̀, ojú sì ti ń ti òun pé òun ò tíì lè fún un. Èyí tí òun gbé sínú iyanrìn láti ìgbà òtútù ló kù.

Mo bi Ìyá Àgbà bóyá ó béèrè kárọ́ọ̀tì. Ó ní òun ò béèrè nǹkankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun kàn máa ń kí i ni, bó ṣe yẹ ọmọlúàbí, ní kété tó bá ti yọjú lórí fẹ́ǹsì: ẹ káàárọ̀.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì Hull, "t" ìkẹyìn máa ń há sí ọ̀fun, kì í jáde. Kárọ́ọ̀tì lẹ́nu wọn, "káárọ̀" ni.

Mo là á yé àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Ìyá òyìnbó náà ní kí Ìyá Àgbà tún un sọ, ó gbọ́ ọ, ó wá dán an wò fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ sí i lẹ́nu geere, torí ó ti ń pè é láti kékeré. Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé kú àárọ̀ o, ó gbé ọ̀rá kárọ́ọ̀tì wọlé, ó ní ìrẹsì díndín ni òun á fi ṣe lálẹ́, kó má ṣe dáná.